Ohun Tí Ìlà Fi Sílẹ̀: Bí Àṣẹ́kù Ṣe Ń Tú Àṣírí Ìṣirò

Ọkọ̀ kan ń rìn jẹ́jẹ́, eré rẹ̀ kò ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Báwo ni ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò rìn kó tó dúró ṣe máa gùn tó? Ìṣirò kan wà tí wọ́n ti fi kọ́ àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé, ìdáhùn tó fún wa sì ni pé ẹsẹ̀ bàtà méjì ó dín díẹ̀, sí ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì gan-an ni ọkọ̀ náà yóò ti dúró. Kò sí ẹni tó ṣi nọ́ńbà kọ, kọ̀ǹpútà náà kò sì ṣìrò. Ìlà ni wọ́n fà gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Àwọn nọ́ńbà tí ìdáhùn yìí ti jáde kì í ṣe àròsọ. Àwọn ọdún 1920 ni wọ́n wọ̀n wọ́n ní Amẹ́ríkà, Mordecai Ezekiel, onímọ̀ ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, sì lò wọ́n nínú ìwé ìṣirò tó tẹ̀ jáde ní 1930. Lónìí, wọ́n wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣirò ń lò, lábẹ́ orúkọ `cars`. Àkọsílẹ̀ 50 ni: eré ọkọ̀ ní máìlì, àti iye ẹsẹ̀ bàtà tó rìn kó tó dúró. Eré tó kéré jù níbẹ̀ ni máìlì 4, èyí tó pọ̀ jù ni 25, tí yóò tó kìlómítà 40 lójú àwa tí a ń fi kìlómítà ka eré. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n, ẹ má fi wọ́n díwọ̀n bíréèkì ọkọ̀ tiyín. Ohun tí mo ń wá lára wọn ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé ìṣirò kan ń ṣì í lọ́nà.

Línìà rìgírẹ́ṣọ̀n ni àwọn onímọ̀ ń pe ìṣirò náà. Ẹ ní nǹkan méjì tí ẹ rò pé ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, bí eré àti ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn. Ẹ to wọn sórí pépà ní àmì tó-tó-tó, kí eré wà nísàlẹ̀, kí ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì 50 náà yóò fọ́n ká, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé wọ́n ń gòkè bí wọ́n ṣe ń lọ sápá ọ̀tún. Ìṣirò náà yóò wá fa ìlà gbọọrọ kan la àárín wọn kọjá. Kì í ṣe ìlà tó bá ṣáà ti wù ú ló ń fà. Ó ń wá ìlà kan ṣoṣo tó jẹ́ pé, bí a bá wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ga jù ú tàbí relẹ̀ jù ú tó, tí a fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ náà yóò kéré ju ti ìlà mìíràn lọ. Fún àwọn ọkọ̀ wa, ìlà tó jáde nìyí:

```
dist = -17.58 + 3.93 × speed
```

Bí a ṣe ń kà á ni pé bí eré bá fi máìlì kan lé sí i, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kó tó dúró yóò fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gùn sí i. Kọ̀ǹpútà tún tẹ nọ́ńbà kan jáde tí ó pè ní `R-squared`, ó jẹ́ 0.65. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé, nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ náà rìn, ìlà yìí ti ṣàlàyé ìdá 65 nínú 100. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Wọn a rí nọ́ńbà tó dára, wọn a kọ ọ́ sínú ìròyìn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ kò bùṣe. Ní 1973, Francis Anscombe gbé ìṣírò mẹ́rin kalẹ̀, àmì mọ́kànlá ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan náà ló jáde nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, `R-squared` kan náà, 0.67. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya wọ́n sórí pépà, àkọ́kọ́ nìkan ni ìlà gbọọrọ bá mu. Èkejì tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ̀kẹta tò sórí ìlà kan gere, àfi àmì kan ṣoṣo tó fò sókè tó sì fa ìlà náà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin kò tilẹ̀ ní ìlà kankan nínú: àmì mẹ́wàá dúró gbọnrangandan lórí ara wọn, ọ̀kan tó kù sì wà ní ọ̀nà jíjìn, òun nìkan ló dá gbogbo ìlà náà sílẹ̀. Nọ́ńbà kò lè sọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ojú ló rí i.

Níbo ni kí ojú wá wò? Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tí ìlà fi sílẹ̀. Ẹ mú àwọn ọkọ̀ tó ń sá máìlì 10. Ìlà ní ẹsẹ̀ bàtà 21.7 ni wọn yóò rìn. Mẹ́ta ni wọ́n nínú àkọsílẹ̀ náà: ọ̀kan rìn 18, èkejì 26, ẹ̀kẹta 34. Ẹ yọ 21.7 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù ni −3.7, 4.3 àti 12.3. Àwọn ni a ń pè ní àṣẹ́kù. Àṣẹ́kù tó wà lókè òdo fi hàn pé ọkọ̀ náà rìn ju bí ìlà ṣe sọ lọ; èyí tó wà nísàlẹ̀ òdo fi hàn pé kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ 50, àṣẹ́kù 50.

Gbogbo ohun tí ìṣirò yìí gbà tẹ́lẹ̀ nípa ayé, lórí àwọn àṣẹ́kù yìí ló dá lé. Ó gbà pé, níbikíbi tí a bá dúró sí lórí ìlà náà, àwọn àṣẹ́kù yóò máa fò sókè sódò yí òdo ká, láìfì sápá kan. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe ń fò tó ní ọwọ́ òsì náà ni wọn yóò máa fò tó ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbà pé àṣẹ́kù ọ̀kan kò mọ nǹkan kan nípa ti èkejì. Ó tún gbà pé púpọ̀ nínú wọn yóò wà nítòsí òdo, tí ìwọ̀nba díẹ̀ yóò jìnnà, ní ọgbọọgba lókè àti nísàlẹ̀. Bí gbogbo èyí bá jóòótọ́, ìlà náà ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú àwọn nọ́ńbà náà tán, kò ní sí ìlànà kankan mọ́ nínú èyí tó kù. Bí ojú yín bá wá rí ìlànà nínú àṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìlà kò gbà.

Ẹni tó bá ní R lórí kọ̀ǹpútà lè rí i fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan:

```
m <- lm(dist ~ speed, data = cars)
plot(fitted(m), resid(m))
abline(h = 0)
```

Ìlà kìn-ín-ní ń ṣe ìṣirò náà. Èkejì ń ya àṣẹ́kù: ohun tí ìlà sọ tẹ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀, àṣẹ́kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ń fa ìlà òdo sí àárín kí ojú lè rí ibi ìdúró.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ síbí, nítorí àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀. Ohun tí ìlà sọ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi sísàlẹ̀ gíráàfù, tàbí eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn gan-an síbẹ̀. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀, àṣẹ́kù yóò máa gòkè ṣáá ni, kódà bí ìlà náà kò bá ní àbùkù kankan, nítorí pé ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn ti ní àṣẹ́kù nínú. Ọkọ̀ tó ṣàdédé rìn jìnnà ni yóò ní ọ̀nà gígùn, òun náà ni yóò ní àṣẹ́kù ńlá. Mo ti rí ìròyìn tí wọ́n ti fi irú gíráàfù bẹ́ẹ̀ dá ìṣirò tó dára lẹ́bi.

Ó yá, ẹ wo àwọn ọkọ̀ wa. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ń wá ni bóyá àṣẹ́kù ń tẹ̀. Àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà tí eré wọn kò ju máìlì 10 lọ. Mẹ́fà nínú àṣẹ́kù wọn wà lókè òdo. Ní òpin kejì, márùn-ún ló sá 24 tàbí 25. Mẹ́rin wà lókè òdo. Àwọn tó wà láàárín, láti 11 títí dé 23, jẹ́ 36. Mẹ́tàlá péré ló wà lókè òdo. Nítorí náà ìlà náà relẹ̀ jù ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì ga jù láàárín. Ohun tó ń ṣe irú èyí ni ọ̀nà tó ń tẹ̀ sókè nígbà tí a fi igi gbọọrọ wọ̀n ọ́n. Òun náà ló jẹ́ kí ìdáhùn fún máìlì 4 bọ́ sísàlẹ̀ òdo.

Èmi kò ní sọ pé ìtẹ̀ yìí hàn gbangba-gbàǹgbà. Kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan tó ń sá 14 àti 18 fò sókè gan-an láàárín, wọ́n sì ń bo ìtẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi eré ìlọ́po ara rẹ̀ kún ìṣirò náà kí ìlà lè ráyè tẹ̀, ìdánwò ìṣirò fúnra rẹ̀ kò ní fi gbogbo ẹnu sọ pé ó pọn dandan. Ohun tó mú mi gbà á gbọ́ ni ìmọ̀ físíìsì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn kó tó dúró pín sí méjì. Apá kan ni èyí tó rìn nígbà tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lọ sórí bíréèkì; ìyẹn ń gùn bí eré ṣe ń pọ̀, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Apá kejì ni èyí tó rìn nígbà tí bíréèkì ti ń di í mú. Agbára tó wà lára ọkọ̀ tó ń sáré ń tẹ̀ lé eré ìlọ́po ara rẹ̀: eré di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin. Apá yìí kò lè gbọọrọ láé. Gíráàfù àṣẹ́kù gbé ìfura dìde, ìmọ̀ nípa bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá ń ka àṣẹ́kù láìmọ ohunkóhun nípa ọkọ̀, tàbí nípa àgbàdo, tàbí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ohun kejì hàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo bí àṣẹ́kù ṣe ń fẹ̀. Láàárín àwọn 19 tí eré wọn kò ju 13 lọ, àṣẹ́kù tó relẹ̀ jù jẹ́ −15.6, èyí tó ga jù jẹ́ 12.5. Láàárín 31 yòókù, èyí tó relẹ̀ jù jẹ́ −29, èyí tó ga jù sì lé ní 43. Bẹ̀rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, àwọn àmì náà là bí ẹnu kàkàkí, tóóró níhìn-ín, gbàràmù lọ́hùn-ún. Kò sì yani lẹ́nu. Ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti fi yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Nígbà tí eré bá pọ̀, bíréèkì tó ti jẹ, táyà tó ti dán, ilẹ̀ tó ń yọ̀, gbogbo wọn yóò ti ráyè hàn.

Kí ni àbùkù èyí ń bà jẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlà ni. Rárá o. Bí ẹnu kàkàkí bá jẹ́ àbùkù kan ṣoṣo tó wà, ìlà náà kò ní fì sókè tàbí sódò. Àárín ni yóò ṣì máa bọ́ sí. Ohun tó bà jẹ́ ni ìdánilójú tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ní. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fi ń wọn bí àmì ṣe ń jìnnà sí ìlà, 15.4 ni níbí, ó sì ń lo ọ̀kan yìí fún gbogbo eré. Bí ẹ bá ní kó sọ ibi tí ọkọ̀ kan yóò dúró, yóò mú ìdáhùn ìlà, yóò fi bí ìlọ́po méjì 15.4 sí i, yóò sì yọ ọ́ kúrò, bí ẹsẹ̀ bàtà 31 lápá méjèèjì.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Fún máìlì 10, ó ní ọkọ̀ yóò dúró láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí ẹ̀yìn àti 53 síwájú. Àwọn mẹ́ta tí a rí dúró láàárín 18 àti 34. Ó bẹ̀rù ju bó ti yẹ lọ. Fún máìlì 24, ó ní yóò jẹ́ láàárín 46 àti 108. Ọkọ̀ kan nínú mẹ́rin tó sá 24 rìn 120 kó tó dúró. Ibi tí eré ti pọ̀, tí ẹ̀mí ènìyàn ti wà nínú ewu, ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò náà ti ń fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Èyí ló mú kí n ka àbùkù yìí sí ńlá.

Àtúnṣe wà. Nínú ọ̀ràn ọkọ̀ yìí, ọ̀kan péré lè tún àbùkù méjèèjì ṣe. Dípò kí a fa ìlà sórí ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn, kí a fà á sórí síkúéà rúùtù rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi lọ́po ara rẹ̀, iye tí a ní ni yóò jáde. Bí ọ̀nà bá ń tẹ̀ lé eré ìlọ́po ara rẹ̀, a jẹ́ pé síkúéà rúùtù ọ̀nà yóò máa tẹ̀ lé eré lójú ìlà gbọọrọ. Síkúéà rúùtù sì ń fún nọ́ńbà ńlá pọ̀ ju nọ́ńbà kékeré lọ: 4 di 2, 100 di 10. Nítorí náà ó ń pa ẹnu kàkàkí náà dé.

```
m2 <- lm(sqrt(dist) ~ speed, data = cars)
plot(fitted(m2), resid(m2))
```

Ìlà tuntun ní kí a fi 0.322 lọ́po eré, kí a fi 1.277 kún un, kí a wá fi ohun tó jáde lọ́po ara rẹ̀. Fún máìlì 4, ó fún wa ní ẹsẹ̀ bàtà 6.6. Nínú àkọsílẹ̀, àwọn méjì tó sá 4 rìn 2 àti 10. Kò sí ìrìn ẹ̀yìn mọ́. Fún máìlì 10, ó ní láàárín bí 5 sí 45. Fún máìlì 24, láàárín 46 sí 126. Ó dín ìbẹ̀rù kù ní ibi eré kékeré, ó fi kún un ní ibi eré ńlá, ọkọ̀ tó rìn 120 sì ti wọlé. Ẹ wo àṣẹ́kù tuntun: ní ìpẹ̀kun méjèèjì, mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá ló wà lókè òdo báyìí, nígbà tó jẹ́ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀. Ẹnu náà kò pa dé tán, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ra dáadáa.

Iyì àtúnṣe yìí hàn jù bí a bá rìn kọjá ibi tí àwọn nọ́ńbà dé. Fún máìlì 40, ìlà àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 140. Èkejì ní 201. Àfikún ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà! Méjèèjì ń sọ nípa eré tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà èmi kò ní fi ẹ̀mí mi tẹ̀ lé ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé `R-squared` ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 0.65, ti èkejì sì jẹ́ 0.71. Ẹ kò tilẹ̀ lè fi méjèèjì wéra dáadáa, nítorí ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò dọ́gba: ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀kan, síkúéà rúùtù ẹsẹ̀ bàtà ni èkejì. Àṣẹ́kù ló fi hàn wá pé ọ̀nà wọn yà.

Ọkọ̀ kan wà tí àtúnṣe yìí kò mú. Máìlì 14 ló sá, ẹsẹ̀ bàtà 80 ló rìn kó tó dúró. Àwọn mẹ́ta yòókù tó sá 14 rìn 26, 36 àti 60. Nínú ìṣirò àkọ́kọ́, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 42.5, nínú èkejì, ó ṣì dá dúró lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta bí àwọn yòókù ṣe ń jìnnà sí ìlà. Irú àmì báyìí ló ń ba ohun tí ìṣirò gbà tẹ́lẹ̀ nípa ìrísí àṣẹ́kù jẹ́, pé kí wọ́n pọ̀ nítòsí òdo kí wọ́n sì tán díẹ̀díẹ̀ lápá méjèèjì. Nínú ìlà àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta tó ga jù jẹ́ 43, 42.5 àti 31, nígbà tí èyí tó relẹ̀ jù kò kọjá −29. Apá òkè gùn ju apá ìsàlẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo ohun tí ìṣirò yìí gbà tẹ́lẹ̀, èyí ni àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé jù, bẹ́ẹ̀ òun ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yẹ eré ọkọ̀ wò, tàbí ọ̀nà tó rìn, láti mọ̀ bóyá ìrísí rẹ̀ bá a mu. Ìṣirò kò bèèrè ìyẹn. Àṣẹ́kù nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí àkọsílẹ̀ bá sì ti pọ̀ díẹ̀, ìlà náà àti ìdánilójú nípa ìgùnsókè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ nítorí ìrísí àṣẹ́kù. Ibi tó ti ń dunni ni ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo yóò dúró. Ẹ má sì yọ ọkọ̀ tó rìn 80 yẹn dànù kí gíráàfù lè dára lójú. Ẹ padà sínú ìwé àkọsílẹ̀ lọ wádìí rẹ̀. Bóyá ẹnìkan ṣi 30 kọ sí 80, bóyá bíréèkì rẹ̀ ni kò dára. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì, a jẹ́ pé ọkọ̀ tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ jù nìyẹn.

Ó ku èyí tí mo fi sẹ́yìn, pé àṣẹ́kù ọ̀kan kò mọ nǹkan kan nípa ti èkejì. Nínú gíráàfù tí a ti ń wò bọ̀, èyí kò lè hàn rárá. Àwọn nọ́ńbà `cars` kò sọ èwo ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, ìtẹ̀léra eré ni wọ́n fi tò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì dára, àṣẹ́kù mẹ́wàá rẹ̀ yóò jọ wà lókè òdo. Ìṣirò yóò kà wọ́n sí ẹ̀rí mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tó jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo ni, yóò sì máa fọ́nnu pé òun dá ọ̀rọ̀ náà lójú. Níbi tí àkókò bá wà nínú ọ̀rọ̀, bí iye owó gaàrí láti oṣù dé oṣù, ẹ to àṣẹ́kù bí oṣù ṣe tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá wà lókè òdo fún oṣù mélòó kan gbáko, kí wọ́n tó bọ́ sísàlẹ̀ kí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé oṣù yìí ń jogún ti oṣù tó kọjá. James Durbin àti Geoffrey Watson gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fún èyí ní 1950 àti 1951, orúkọ wọn ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àkókò, ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó nọ́ńbà jọ ni ọ̀nà àbáyọ, gíráàfù kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ewu kan tún wà lára ojú fúnra rẹ̀. Ojú ènìyàn máa ń rí ìlànà níbi tí kò sí, pàápàá bí àmì kò bá pọ̀. Bí ẹ bá da àmì 20 sórí pépà láìronú, ẹnìkan yóò rí ìtẹ̀ nínú rẹ̀, ẹlòmíràn yóò rí ẹnu kàkàkí. Ní 2009, Andreas Buja, Dianne Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ọgbọ́n kan jáde tó wù mí púpọ̀. Kí kọ̀ǹpútà ya gíráàfù 19 tó jẹ́ àròsọ, tí ohun tí ìṣirò gbà tẹ́lẹ̀ jẹ́ òótọ́ nínú wọn láìkù síbì kan. Kí a fi èyí tó jẹ́ ti wa gan-an sáàárín wọn, kó di 20. Kí a wá pe ẹni tí kò tíì rí i rí, kó mú èyí tó yàtọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí àbùkù nínú tiwa, ìwọ̀n ìgbà tí yóò ṣèèṣì mú un kò ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún lọ. Bí ó bá mú un, a ní ìdí tó dájú láti fura. Bí kò bá lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ìtẹ̀ tí a rò pé a rí lè má ju ojú inú wa lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé ìlà kan síwájú yín, ìbáà ṣe lórí owó ọjà, lórí oògùn tàbí lórí ìkórè oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi `R-squared` nìkan dá yín lóhùn. Ẹ ní kó fi gíráàfù àṣẹ́kù hàn yín, kó fi ohun tí ìlà sọ tẹ́lẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó sì sọ bí wọ́n ṣe kó àwọn nọ́ńbà náà jọ àti ìtẹ̀léra tí wọ́n fi kó wọn.